Ọ̀fun Dídùn ní Pírámárì Kejì: Ìgbà Tí Ọmọ Lè Padà Wá, àti Ìgò Oògùn Kejì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ àwọn ọmọ Pírámárì Kejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ mẹ́rin nínú kíláàsì yín ni ọ̀fun ń dùn, tí ara wọn sì gbóná. Wọ́n yẹ ọ̀fun méjì nínú wọn wò ní ilé ìwòsàn, èsì sì fi hàn pé kòkòrò sítírẹ́pù ló wà níbẹ̀. Kò tíì sí ọmọ kíláàsì mìíràn tó ní in. Nítorí náà, a kò ti ilé ẹ̀kọ́, a kò sì ti kíláàsì náà. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ ka ìwé yìí títí dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìgò oògùn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣì í ṣe.

Bí ẹ ṣe máa fura sí i

Òjijì ni sítírẹ́pù máa ń dé. Ọmọ tó jẹun àárọ̀ dáadáa lè máa sunkún nírọ̀lẹ́ pé itọ́ lásán òun kò ṣeé gbé mì. Ara rẹ̀ á gbóná, orí á máa fọ́ ọ. Inú a máa run àwọn ọmọ mìíràn, wọ́n tiẹ̀ lè bì, tí ìyá á fi rò pé oúnjẹ ló bà á nínú jẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Ẹ lè rí i pé ẹran méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun ti wú, ó pọ́n, ó sì lè ní àmì funfun bí ọyún. Ẹ fọwọ́ kan iwájú ọrùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n: kókó tó wú tó sì ń dùn ún lè wà níbẹ̀. Nígbà míì ara á sú wínníwínní láti àyà àti ikùn. Lára ọmọ dúdú, ojú lè má tètè rí èyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, torí ara náà á rí háráhárá bíi sáńpépà.

Bí ó bá jẹ́ pé ikọ́ ni ọmọ ń wú, tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ há, kò dájú pé sítírẹ́pù ni. Òtútù tàbí fáírọ́ọ̀sì lásán ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn apakòkòrò kò sì ní nǹkan kan tó máa ṣe fún un. Síbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kò tó ẹ̀rí. Ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n fi òwú nu ọ̀fun rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò. Níbi tí kò bá ti sí àyẹ̀wò yìí, dókítà ni yóò fi ohun tó rí dájọ́. Ẹ má ṣe gbàgbé láti sọ fún un pé sítírẹ́pù wà ní kíláàsì ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè yí ohun tó máa ṣe padà.

Mo mọ̀ pé bí ara ọmọ bá ti gbóná lọ́dọ̀ wa, oògùn ibà ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń lọ bá. Oògùn ibà kò lè pa sítírẹ́pù. Ọmọ kan sì lè ní méjèèjì pọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀fun ṣì ń dùn ún, ẹ ní kí wọ́n wo ọ̀fun náà.

Láti ọjọ́ tí kòkòrò yìí bá wọ ọmọ lára, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 2 sí 5 kí àìsàn tó yọjú. Ọmọ tó mu omi nínú ìgò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́rú lè dùbúlẹ̀ nígbàkigbà títí di Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ẹ máa ṣọ́ wọn láàárín ìgbà náà. Ikọ́, sísín, ìgò omi àti ṣíbí tí wọ́n jọ ń lò ló ń gbé e kiri. Ẹ kọ orúkọ sára ìgò omi ọmọ yín.

Ìgbà wo ni ọmọ lè padà wá?

Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pé. Àkọ́kọ́, wákàtí 24 gbọ́dọ̀ ti kọjá láti ìgbà tó ti gba oògùn apakòkòrò fún ìgbà àkọ́kọ́. Èkejì, ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná láàárọ̀ ọjọ́ tó ń bọ̀, láìjẹ́ pé parasitamọ́ọ̀lù ló mú un tutù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ara rẹ̀ gbóná nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì lo oògùn àkọ́kọ́ ní aago méjì ọ̀sán. Wákàtí 24 pé ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ ló tó lè wá. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ìyá rẹ̀ wọn ìgbóná ara rẹ̀ kó tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún un. Bí ó bá tó 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tíì yá. Bí kò bá tó 38, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo parasitamọ́ọ̀lù ní aago mẹ́fà, èsì yẹn kò ṣeé gbára lé, torí ara á tún gbóná nígbà tó bá di aago mẹ́wàá, èmi ni yóò sì pè yín níbi iṣẹ́.

Ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì alágbára pípẹ́ náà á dúró fún wákàtí 24 kan náà. Ọmọ tí dókítà sọ pé kì í ṣe sítírẹ́pù lè padà nígbà tí ara rẹ̀ bá ti tutù tó sì ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ ìgò oògùn

Wákàtí 24 tí mo sọ lókè, kí ọmọ má bàa kó o ran ẹlòmíràn ni. Kì í ṣe pé àìsàn náà ti tán. Ọjọ́ 10 gbáko ni ọmọ máa lo amọksisílíìnì tàbí pẹnisílíìnì tó ń mu. Ìdààmú tó wà níbẹ̀ ni pé ara ọmọ á ti yá ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, á ti máa sáré kiri, òbí á sì ro pé oògùn ti ṣiṣẹ́ tán.

Ìṣirò kan rèé. Ọmọ Pírámárì Kejì kan wọn kílò 20. Iye tí wọ́n sábà máa ń kọ fún un ni miligíráàmù 50 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, èyí tó jẹ́ 1,000 lóòjọ́, ìyẹn 500 láàárọ̀ àti 500 lálẹ́. Bí oògùn olómi tí wọ́n fún yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 250 fún milílítà 5 sára rẹ̀, milílítà 10 ni ẹ ó máa fún un nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 20 lóòjọ́. Ìgò tó gba milílítà 100 á tán ní ọjọ́ 5. Ìgò méjì ló máa pé ọjọ́ 10. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 125 sí, milílítà 40 ló máa ń lọ lóòjọ́, ìgò kan kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta. Ìgò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà. Nígbà tó bá tán, wọ́n á ní "ó ti lo oògùn rẹ̀ tán." Ìgò ló tán. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ apòògùn, ẹ bi í pé: "Ìgò mélòó ló máa pé ọjọ́ mẹ́wàá fún ọmọ mi?" Dókítà tó rí ọmọ yín ló ni àṣẹ lórí iye tó máa lò. Ìṣirò tèmi yìí wà kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa béèrè.

Ẹ má ṣe po ìgò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹ̀fun ló wà nínú wọn. Bí ẹ bá ti fi omi tí ẹ sè tó sì ti tutù pò ó dé ojú ilà, ó ní iye ọjọ́ tó lè lò, ó sì wà lára páálí rẹ̀. Ẹ gbọn ìgò dáadáa kí ẹ tó wọn ún, kí ẹ sì fi sírínjì tàbí ìdérí tó ní ilà wọn ún, torí ṣíbí ilé kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọjọ́ 10 ni ọkàn ọmọ. Bí sítírẹ́pù kò bá kúrò pátápátá, àwọn ọmọ kan wà tí agbára tí ara fi ń bá kòkòrò náà jà á yí padà sí oríkèé àti àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn. Èyí máa ń yọjú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí ọ̀fun ti san. Oríkèé á máa wú, ìrora á máa ṣí láti orúnkún lọ sí ọrùn ẹsẹ̀, ọmọ á máa mí gúlegúle. Ìpalára tó bá ṣe sí ilẹ̀kùn ọkàn lè má lọ mọ́. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárín ọjọ́ 9 tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, tó sì lò ó pé, ewu yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Torí náà, bí ẹ tilẹ̀ ti jẹ́ kó tó ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò tíì pẹ́ jù, ẹ gbé e lọ.

Oògùn tó ṣẹ́kù láti ìgbà ibà tàbí ikọ́ ọdún tó kọjá, ẹ má fún un. Sẹ́pítírìnì àti tẹtirasaikílììnì kò ṣeé gbára lé fún sítírẹ́pù, bó ti wù kí kẹ́míìsì yìn wọ́n tó. Àsípírìn kò dára fún ọmọdé. Parasitamọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò fún ìrora, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé ọmọ lọ fún ẹni tó máa gé ahọ́n kékeré tó so rọ̀ lẹ́yìn ọ̀fun nítorí wọ́n ní belubelu ni. Gígé rẹ̀ kò pa kòkòrò yìí, ẹ̀jẹ̀ lè ya, àrùn mìíràn sì lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Bí ọmọ yín bá ti gba pẹnisílíìnì rí tí ara rẹ̀ sì sú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún dókítà.

Àwọn tó kù nílé tí ọ̀fun kò dùn kò nílò oògùn, àyàfi bí dókítà bá ní ìdí. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀fun rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí dùn, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́ bí ọmọ bá ń da itọ́ nítorí pé kò lè gbé e mì, bí kò bá lè la ẹnu, bí ẹ̀gbẹ́ kan ọrùn bá wú, tàbí bí mímí bá ṣòro fún un. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé àìsàn náà, bí ojú rẹ̀ bá wú láàárọ̀ tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bíi omi kóòkì, ẹ tètè gbé e padà fún dókítà, torí kíndìnrín lè ti fara gbá.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá padà, kí ẹni tó mú un wá gba ọ̀dọ̀ mi kọjá kí ó tó wọ kíláàsì, pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn àti páálí oògùn. Màá wo ọjọ́ àti wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, màá wọn ìgbóná ara rẹ̀, màá sì kọ ọjọ́ tí oògùn máa parí sínú ìwé mi. Oògùn fúnra rẹ̀ kò níláti wá sí ilé ẹ̀kọ́: àárọ̀ àti alẹ́ ni, ẹ fún un nílé. Aago méje ààbọ̀ ni mo máa ń ṣí yàrá ìtọ́jú.

Nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́