Bí Mo Ṣe Kọ Aṣebi Tí Kò Mọ̀ Pé Aṣebi Ni Òun

Nínú ìtàn àròsọ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ parí, tí mo fi ìlú Ìlọrin ṣe ibùdó rẹ̀, ọkùnrin kan wà tí ó jẹ ogún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Alhaji Sálíù ni mo pè é. Nínú ọ̀pọ̀ eré tí à ń wò, aṣebi máa ń mọ̀ pé ibi ni òun ń ṣe, yóò sì máa dá rẹ́rìn-ín ìkà nínú yàrá. N kò tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní agbo ilé kankan ní Pàkàtà tàbí Òkè Lele. Àwọn tí mo rí tí wọ́n jẹ ogún ọmọ òrukàn ní àlàyé, àlàyé náà a sì máa já gaara. Ohun tí mo fẹ́ ni kí òǹkàwé lè bá Sálíù rìn láti ìgbésẹ̀ kan dé èkejì, kí ó má sì rí ibi tí yóò ti fi gbogbo ẹnu sọ pé, "Níbí ni èmi ìbá ti yà."

Kí n tó kọ gbólóhùn kan nípa ìwà rẹ̀, ogún náà ni mo kọ́kọ́ pín, bí òfin Ìsìláàmù ṣe là á sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Sálíù, tí àwọn òbí rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Ìyàwó yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ. A ó pín ìyókù sí ọ̀nà mẹ́rin, ọmọkùnrin yóò mú méjì, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan yóò sì mú ọ̀kan. Àbúrò òkú kò ní rí nǹkan kan, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí òkú bá ti ní ọmọkùnrin, àbúrò kò jogún rẹ̀. Ìpín yìí ni ó fún mi ní Sálíù. Mo pinnu pé ṣọ́ọ̀bù méjèèjì tí òkú fi sílẹ̀ ní Ọjà Ìpàta, òun àti Sálíù ni wọ́n jọ fi òógùn ojú wọn kọ́ ọ, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gbọ́n nìkan ni ó wà lórí ìwé, torí pé ta ni í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé? Nítorí náà, ní ọjọ́ tí àwọn àfáà pín ogún tán, tí wọ́n sì fi Sálíù ṣe alágbàtọ́ àwọn ọmọ, òfin kò ṣìṣe, Sálíù náà kò sì purọ́ nígbà tí ó sọ nínú ara rẹ̀ pé wọ́n ti fi iṣẹ́ òun fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí Sálíù yóò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ bí ó bá bi í léèrè, láti ẹnu rẹ̀ gan-an, láìjẹ́ kí "ojúkòkòrò" tàbí "olè" wọ inú rẹ̀. N kò fi ojú-ewé náà sínú ìwé. Ìlò rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí n mọ ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, ohun náà sì ni Sura An-Nisai. Ẹsẹ 5 níbẹ̀ ní kí a má ṣe kó ohun ìní lé àwọn aláìlóye lọ́wọ́, kí a máa fi bọ́ wọn, kí a sì máa fi wọ̀ wọ́n láṣọ. Ẹsẹ 6 ní kí alágbàtọ́ tí ó bá rí já jẹ yàgò fún owó ọmọ òrukàn, ṣùgbọ́n kí èyí tí ó bá jẹ́ aláìní jẹ níwọ̀nba. Ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, aláìní ni Sálíù lóòótọ́.

Mo wá fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó fi rúlà fàlà sí: ọjọ́, ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde. Nínú oṣù kìíní, ó kọ ọ́ pé owó ilé-ìwé jẹ́ ₦18,000, àtúnṣe páànù ṣọ́ọ̀bù kejì ₦25,000, ti alágbàtọ́ ₦5,000. Ìṣirò rẹ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì rí i dájú pé ó pé, nítorí pé aṣebi tí ó ń yí ìwé ti mọ̀ pé òun ń jalè. Ìlà kẹta yẹn nìkan ni mo ń jẹ́ kí ó dàgbà, díẹ̀díẹ̀, bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Ní àárín ìwé, ₦40,000 ni. Láàárín ìgbà náà, Sálíù ti lọ sí Mẹ́kà, gbogbo àdúgbò sì ti ń pè é ní Alhaji. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a nìkan ni Hajj di dandan fún. Oyè tí wọ́n fi ń kí i láràárọ̀ ti sọ pé kì í ṣe aláìní mọ́. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ èyí jáde nínú ìtàn náà. Sálíù kò rí i, torí pé lójú tirẹ̀, àwọn tí wọ́n ní ju òun lọ ni olówó.

Apá tí ó gba àkókò jù ni títi ilẹ̀kùn gbogbo ọ̀nà mìíràn tí Sálíù ìbá gbà. Mo ka orí ìwé tí ó jẹ́ ti Sálíù nìkan, léraléra, mo yọ ti àwọn ọmọ kúrò, mo sì ń sàmì sí ibi tí mo bá ti bèèrè pé, "Kí ló dé tí kò kàn ṣe báyìí?" Ìbéèrè tí ó tóbi jù ni pé, kí ló dé tí kò kó ogún fún Jímọ̀, ọmọkùnrin náà, nígbà tí ó dàgbà tó? Jímọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn. Sálíù ra ọ̀kadà fún un kí ó fi dán an wò, bí ẹsẹ 6 náà ṣe ní kí a dán ọmọ òrukàn wò. Jímọ̀ tà á ní ìdajì owó, ó sì ná an síbi ayẹyẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n bá mi ka ìwé ní kí n yọ ọ́, kí ọmọ òrukàn má baà dà bí ọ̀bàyéjẹ́. Mo kọ̀. Bí Jímọ̀ bá mọ́ bí aṣọ àlà, Sálíù kò ní ìdí kan.

Ohun kan náà ni mo ṣe nígbà tí ó fi owó tirẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù kejì, ní iye tí ṣọ́ọ̀bù ń lọ ní ọdún tí ó ṣáájú. Oníbàárà láti ìta ti fi owó tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n dúkìá bàbá yóò bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ sì fẹ́ ṣègbéyàwó láàárín oṣù náà. Ìgbésẹ̀ tí ó kéré jù tí ó lè yanjú ìṣòro ọjọ́ náà ni ó gbé. Bí mo bá ti rí i pé ó gbé ìgbésẹ̀ tí ó tóbi ju ìṣòro ọwọ́ rẹ̀ lọ, mo mọ̀ pé èmi ni mo ń tì í, torí pé ìtàn mi nílò rẹ̀.

Ewu tí ó wà ní òdìkejì ni àwáwí. Nígbà tí mo fi ìyà ìgbà èwe rẹ̀ kún un, àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í dárí jì í, mo sì gé e kúrò. Àánú kọ́ ni mo ń wá fún un. Dípò rẹ̀, mo fi ohun kan sílẹ̀ tí Sálíù kì í kà: ìparí ẹsẹ 6, tí ó ní kí alágbàtọ́ pe ẹlẹ́rìí nígbà tí ó bá ń dá ohun ìní ọmọ òrukàn padà. Àfáà àgbà kan ni ó fà á yọ, ní ẹ̀yìn ìrun alẹ́, nígbà tí Jímọ̀ ti pé ọmọ ọdún 26.

"Sálíù, àwọn wo ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Ẹlẹ́rìí ti kí ni, Àfáà? Ọjọ́ tí a bá ń dá a padà ni Ọlọ́run ní ká pe ẹlẹ́rìí. Ẹ dákun, èmi ò tíì dá a padà."

Orí kẹtàlá ni mo fi èyí sí, ṣáájú kí ẹjọ́ tó dé kóòtù, torí pé lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti sọ̀rọ̀, òǹkàwé kò ní gbọ́ ìdáhùn yẹn gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn mọ́.