Bí mo ṣe ṣàlàyé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi

Yorùbá nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ń kà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni lẹ́tà iṣẹ́ awakọ̀ tí iléeṣẹ́ kan fún wọn. Mo kọ́kọ́ kà á tán kí n tó la ẹnu, torí ohun tí ojú ìwé kìíní ṣèlérí, ojú ìwé kejì lè bù ú kù. Mo wá mú bébà, mo kọ gbogbo iye owó sí i ní nọ́ńbà, kí wọ́n lè fi wé ti inú lẹ́tà fúnra wọn.

1,200,000 tó wà níbẹ̀, ti ọdún kan ni. Mo fi 12 pín in, ó di 100,000 lóṣù: owó oṣù gangan 50,000, owó ilé 30,000, owó ọkọ̀ 20,000. Wọn yóò yọ owó ìfẹ̀yìntì 8,000 àti owó orí 4,000. Mo fa ìlà sábẹ́ 88,000, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ló máa tẹ̀ yín lọ́wọ́."

Àkókò ìdánwò ló gba àlàyé jù. Oṣù mẹ́fà ni, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Wọ́n ní, "Tí oṣù kẹjọ bá ti parí, iṣẹ́ ti di tèmi nìyẹn." Rárá o. Lẹ́tà náà ní àfi tí iléeṣẹ́ bá kọ̀wé pé àwọn ti fìdí wọn múlẹ̀, àwọn sì lè fi oṣù mẹ́ta kún un. Tí oṣù kẹsàn-án bá dé tí ìwé ò dé, inú ìdánwò ni wọ́n ṣì wà. Kí wọ́n lọ béèrè ìwé náà ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ nótíìsì ti wọlé. Nínú ìdánwò, ọ̀sẹ̀ kan ni. Lẹ́yìn ìwé ìfìdímúlẹ̀, oṣù kan. Tọ̀tún tòsì ló dè: bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ kí wọ́n lọ, òun náà gbọ́dọ̀ fún wọn ní nótíìsì. Ọjọ́ tí ìwé bá dé ọwọ́ ẹni ni wọ́n ti ń kà á, ọ̀rọ̀ ẹnu kò kà. Mo wá bi wọ́n, "Tí ẹ bá fẹ́ kúrò ní oṣù kẹrin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá ti sọ pé oṣù kan ni, ǹ bá tún un ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibì kan ò yé èmi náà. Lẹ́tà ní ẹni tó bá lọ láìfún wọn ní nótíìsì yóò san owó oṣù kan, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá 50,000 ni tàbí 100,000. Ìlàjì owó oṣù ni ìyàtọ̀ yẹn, kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò. A kọ̀wé béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Èsì dé pé 50,000 ni. A lẹ èsì náà mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà tiwọn, wọ́n wá fọwọ́ sí i.