Módẹ́mù Tuntun Tó Gé Gbogbo Ṣọ́ọ̀bù Kúrò Lórí Intánẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí Ojúde Ọba pé nígbà tí Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde pè mí. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, tètè máa bọ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, kò sí èyí tó ń rí intánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gan-an ò dá wa lóhùn mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ sì ti sanwó káàdì wọn." Mo wọ ọ̀kadà lọ síbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ béèrè ohun tó yí padà. Wọ́n ní eríálì orí òrùlé tó ń gbé intánẹ́ẹ̀tì wá fún wọn ti ń já jù, ìyẹn ni wọ́n ṣe ra módẹ́mù tó ń lo síìmù ní àná. Ọmọ iṣẹ́ fi wáyà so ó mọ́ ráútà àtijọ́, inú ihò tí wọ́n kọ LAN sí ló kì í bọ̀. Ọkàn mi ti lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ilé, òun ló sì ń sọ fún wọn pé, "Ibí ni kí ẹ gbà jáde." Kọ̀ǹpútà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á béèrè pé ta ni yóò fún òun ní àdírẹ́sì, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dáhùn ló sábà máa ń tẹ̀ lé. Ẹni méjì ló wá ń dáhùn nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Èyí tó burú jù ni pé àdírẹ́sì kan náà, 192.168.1.1, ni àwọn méjèèjì gbé wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n.

Ibí yìí ló máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Mo tẹ `ipconfig /all` lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, gbogbo wọn kọ 192.168.1.1 níwájú DHCP Server. DHCP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ pípín àdírẹ́sì yìí. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní kò sí wàhálà kankan. Mo wá tẹ èyí:

```
arp -a
```

Ó máa ń fi nọ́ńbà tí wọ́n dá mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan hàn, irú èyí tó wà lórí sítíkà abẹ́ ráútà. Níwájú 192.168.1.1, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ fi nọ́ńbà tó parí sí 3c hàn, ti ráútà àtijọ́ nìyẹn. Ìkẹta fi 9e hàn, ti módẹ́mù. Èyí tó ń bá ráútà àtijọ́ sọ̀rọ̀ ń lọ sọ́dọ̀ eríálì tó ti kú, èyí tó bá sì rí módẹ́mù á tún ṣìnà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Mo yọ wáyà tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Àǹtí ní àwọn ò ní san owó eríálì mọ́, nítorí náà módẹ́mù ni kó máa pín àdírẹ́sì, kí ráútà àtijọ́ kàn máa gbé Wáífáì àti wáyà káàkiri. Mo fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ ráútà náà, mo ṣí 192.168.1.1, mo pa DHCP rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yí àdírẹ́sì òun fúnra rẹ̀ sí 192.168.1.2. Ẹ má ṣe gbàgbé apá kejì yìí. Tí ẹ bá pa DHCP nìkan, ẹni méjì ṣì ń jẹ́ orúkọ kan.

Mo wá bọ́ sínú módẹ́mù. Nínú ìwé àwọn tó ti fún ní àdírẹ́sì, mo rí i pé ó ti fún fóònù ẹnìkan ní 192.168.1.50, èyí tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdí tí ẹ̀rọ náà ò fi dáhùn nìyẹn. Mo ní kó máa pín láti 192.168.1.100 dé 192.168.1.200 nìkan. Mo dá wáyà padà, LAN sí LAN, mo sì tẹ èyí lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan:

```
ipconfig /release
ipconfig /renew
```

Àwọn tó ní fóònù pa Wáífáì wọn, wọ́n tún un tàn. Tí a kò bá ṣe èyí, ẹ̀rọ lè di àdírẹ́sì àtijọ́ mú títí àkókò tí wọ́n fún un yóò fi pé, ó sì lè tó odindi ọjọ́ kan. Mo tún `arp -a` tẹ̀: 9e ló hàn níwájú 192.168.1.1 lórí gbogbo wọn. Káàdì àkọ́kọ́ jáde.

Àǹtí bi mí bóyá àwọn lè tún padà sí eríálì lọ́jọ́ kan. Mo ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yọ módẹ́mù, kí wọ́n sì tún DHCP ráútà náà tàn, kí wọ́n dá a padà sí 192.168.1.1. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ráútà.