Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tí Mo Túmọ̀ Fún Ilé Ìwòsàn Kan

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn ló gbé ìwé pélébé kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Kí n tó dárúkọ owó, mo ka iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀: 1,200. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń díye lé, torí Yorùbá sábà máa ń gùn jù ú lọ. Èyí wọ 1,500 nígbà tí mo parí. Oníbàárà wo ló fẹ́ gbọ́ pé owó ti lé sí i lẹ́yìn ìdúnàádúrà? A fẹnu kò sí náírà 25 fún ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sì san ìdajì sílẹ̀.

Ìpínrọ̀ kìíní ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún agbára tí ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa fi ń ti iṣan, ó sì ní òmíràn fún àìsàn tó jẹ́ pé agbára yẹn ti pọ̀ jù. Nígboro, "ẹ̀jẹ̀ ríru" la sábà máa ń pe méjèèjì. Bí mo bá ní kí ẹni tí ara rẹ̀ le lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, á rò pé àìsàn ti wà lára òun. Mo wá mú "ìfúnpá" tí àwọn ìwé ìlera kan ń lò fún ti àkọ́kọ́.

N kì í fi iṣẹ́ ìlera ránṣẹ́ láìkà á sétí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo kà á fún màmá onílé mi, tí àìsàn náà ń bá fínra. Mo dé "ẹ lọ wọn ìfúnpá yín", màmá dá mi dúró:

"Ìfúnpá kẹ̀? Ṣé ilé ìwòsàn náà ti ń so oògùn mọ́ èèyàn lápá ni?"

Ìfúnpá oníṣègùn ni wọ́n mọ̀. Mo yọ ọ́ kúrò, mo fi "agbára tí ẹ̀jẹ̀ yín fi ń ṣàn" rọ́pò rẹ̀, mo sì fi "ẹ̀jẹ̀ ríru" sílẹ̀ fún àìsàn nìkan.

N ò bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn, torí "ó yé mi" ni gbogbo èèyàn máa ń dáhùn. Mo ní kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ bí wọ́n á ṣe lo oògùn náà. Wọ́n ní, "Tí orí bá ti ń fọ́ mi ni." Ohun tí ìwé náà ń kìlọ̀ fún gan-an nìyẹn! Gbólóhùn mi ti gùn jù, ọ̀rọ̀ náà sì sọnù sí ìparí rẹ̀. Mo gé e sí méjì: "Ẹ lò ó lójoojúmọ́. Bí ara yín tilẹ̀ le, ẹ má dá a dúró."

Mo rò pé iṣẹ́ ti tán, àfi ìgbà tí fáìlì dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó to ìwé náà. Àmì ohùn ti fò kúrò lórí lẹ́tà, òmíràn di àpótí òfìfo. Nínú kọ̀ǹpútà, "ẹ́" kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo: "ẹ" wà lọ́tọ̀, wọ́n á wá gbé àmì lé e. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n á dà á rú. Mo ní kí wọ́n lo Noto Sans, mo sì tún ka gbogbo ojú ewé kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Ọ̀sán méjì lèyí gbà mí, n ò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé àdéhùn mi báyìí, pẹ̀lú owó tirẹ̀.