Kí Ìgbẹ́ Má Baà Le: Ọ̀rọ̀ Ìlera fún Ìpàdé Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà

Fún olùsọ̀rọ̀: Ọ̀rọ̀ yìí máa gbà tó ìṣẹ́jú 20. Mú àga kan dání, àpótí kékeré tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, àti ọsàn kan tí o ti bó. Pe ìgbẹ́ ní ìgbẹ́. Bí ìwọ bá ń tijú láti dárúkọ rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ẹ náà á tijú láti béèrè.

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa. Ajé á wọgbá o. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ la bá wá lónìí, pàápàá èyí tí a máa ń dì mọ́ra nídìí ìsọ̀.

Kì í ṣe dandan kí èèyàn yàgbẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ àti ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ìkankan nínú wọn, bí ìgbẹ́ bá ti rọ̀ tó sì ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó le, tó ń já kóróbótó bí ti ewúrẹ́, tàbí tí a ń fi tipá tì jáde, òun ló yẹ ká wá nǹkan ṣe sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ obìnrin kan tó ń ta ata. Aago márùn-ún àárọ̀ ló kúrò nílé, kò jẹ, kò mu. Ní aago mẹ́sàn-án, ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Bí oúnjẹ bá ti dé ikùn báyìí, ìfun ńlá máa ń jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ fi sábà máa ń gbọ̀n èèyàn láàárín ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Àmọ́ àsìkò yẹn gan-an làwọn oníbàárà pọ̀, ilé ìgbẹ́ sì jìnnà. Ó dì í. Láìpẹ́, kò gbọ̀n ọ́n mọ́, ó rò pé ó ti tán.

Kò tán o. Inú ìfun ńlá ló ṣì wà, iṣẹ́ ìfun ńlá sì ni láti máa fa omi kúrò lára ìgbẹ́. Bó bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ láá ṣe máa gbẹ tó. Obìnrin yìí kì í sì í mu omi dáadáa lọ́jà, kí ìtọ̀ má baà máa gbọ̀n ọ́n, nítorí náà ara ò fẹ́ kí omi kankan ṣòfò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ ti le koránkorán. Ó jókòó, ó dá èémí dúró, ó ń fi gbogbo agbára tì í.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń tì í báyẹn, ẹ̀jẹ̀ á kún inú àwọn iṣan tó yí ihò ìdí ká, wọ́n á wú, wọ́n sì lè yọ síta. Jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn. Ṣúgà la máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n fífi tipá yàgbẹ́, pípẹ́ jù nílé ìgbẹ́ àti oyún ló sábà máa ń fà á. Ìgbẹ́ líle tún lè ya awọ ojú ìdí. Bó bá ti ya, ẹ̀rù ìrora á mú kí èèyàn máa di ìgbẹ́ mọ́ra, èyí tó dì náà á tún le sí i, á sì tún ibi tó ya ya.

Kí ló yẹ kí aláta wa ṣe? Kó jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú bó ṣe ń jí. Kó mu ife omi kan, kó jẹ nǹkan díẹ̀ nílé, kó sì lọ sílé ìgbẹ́ kó tó jáde, bí kò tilẹ̀ tíì gbọ̀n ọ́n. Lójoojúmọ́, ní àsìkò kan náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ara lè ti mọ àsìkò náà. Bó bá wá gbọ̀n ọ́n lọ́jà, kó dìde. Ẹ bá ẹni tí ìsọ̀ yín jọ kángun síra ṣàdéhùn pé ẹ ó máa bá ara yín ṣọ́ ọjà. Kí ẹgbẹ́ náà sì rí i pé omi àti ọṣẹ wà nílé ìgbẹ́ ọjà, nítorí ìdọ̀tí ibẹ̀ ló ń mú ọ̀pọ̀ wa di ìgbẹ́ mọ́ra.

(Olùsọ̀rọ̀: jókòó sórí àga, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí.) Ẹ wò mí. Ẹni tó ń lóṣòó sórí ṣáláńgá kò nílò àpótí. Orí ìjókòó lo ti nílò rẹ̀, kí orúnkún lè ga ju ìbàdí lọ. Iṣan kan wà tó fa ẹnu ọ̀nà ìgbẹ́ tẹ̀ kí ìgbẹ́ má baà máa jáde fúnra rẹ̀. Bí orúnkún bá gòkè, iṣan náà á dẹ̀, ọ̀nà á sì tọ́. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé itan, ẹ jẹ́ kí ikùn dẹ̀. Ẹ má dá èémí dúró. Ẹ la ẹnu, kí ẹ máa mí síta díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń rọra tì í. Bí kò bá jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dìde, ó tún máa gbọ̀n yín. Ẹ má mú fóònù wọlé.

Ó kan oúnjẹ. Fáíbà ni apá oúnjẹ tí ikùn kì í lè dà. Ó ń di omi mú sínú ìgbẹ́, ó sì ń mú kó tóbi, kó rọ̀. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, inú èérí tí a yọ ni ọ̀pọ̀ fáíbà àgbàdo ń bá lọ. Nígbà tí a bá bó ẹ̀wà fún àkàrà, ó bá èèpo lọ. Nítorí náà, ẹ̀kọ àti àkàrà nìkan kò tó. Ẹ fi ẹ̀wà tí a sè pẹ̀lú èèpo rẹ̀ kún un, ìdajì ife lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó tó di ife kan. Bí ẹ bá ṣàdédé jẹ ẹ́ púpọ̀, inú á wú, atẹ́gùn á pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́, ilá tàbí ewédú pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkèlè, kí òkèlè sì dín kù.

(Olùsọ̀rọ̀: la ọsàn náà.) Púpọ̀ nínú wa máa ń fa omi ọsàn, a ó sì ju ìyókù nù. Ìyókù yẹn gan-an ni fáíbà rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n náà dára.

Fáíbà láìsí omi lè mú kí nǹkan le sí i. Omi ọ̀rá oní-50 sẹ̀ǹtílítà mẹ́rin lóòjọ́ tó fún ọ̀pọ̀ wa: ọ̀kan láàárọ̀, méjì lọ́jà, ọ̀kan lálẹ́. Ẹni tí dókítà ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èyí.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún lè mú ìgbẹ́ le. Ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Àgbo jẹ̀dí tàbí oògùn ìyàgbẹ́ tó ń ṣí inú gbuurugbu kì í ṣe ohun tí à ń mu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ó ń gbẹ omi ara, inú sì lè ṣófo débi pé kò ní sí ìgbẹ́ fún ọjọ́ méjì, ni èèyàn á bá tún mu òmíràn.

Ẹni tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tó ń rù láìnídìí, tàbí tí bó ṣe ń yàgbẹ́ yí padà fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kó lọ sílé ìwòsàn, kó má kàn pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Bí inú bá wú, tó ń dunni, tí èèyàn ń bì, tí kò lè yàgbẹ́ tàbí só, ọjọ́ náà ni kó lọ. Kó má mu àgbo kankan.

Fún olùsọ̀rọ̀: Dúró fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn ìpàdé, níbi kọ̀rọ̀. Ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ kì í sábà sọ ọ́ láàárín èrò.