Bátìrì mi ń tètè kú: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni mi ò wò

Bátìrì ọkọ̀ méjì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọdún méjì. Ẹ̀rọ tó ń ṣáájì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí, ṣùgbọ́n fólítì 14.2 ló ń gbé wá, kò níṣòro. Ìgbà tí mo nu ìdọ̀tí ara bátìrì kejì ni mo rí C2: lẹ́tà ni oṣù, nọ́ńbà ni ọdún, ìyẹn oṣù kẹta 2022. Oṣù kìíní 2023 ni mo rà á! Oṣù mẹ́wàá ló ti fi jókòó sórí àtẹ nínú ooru, tí iná inú rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, tí ìpẹ́ funfun sì ń le mọ́ àwọn òjé inú rẹ̀. Ṣáájì kì í sábà tún ìyẹn ṣe.

Nígbà tí mo fẹ́ ra ẹ̀kẹta, mo kọ èyí tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n kí n tó sanwó: fólítì 12.6. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò tó 12.4, mo dá a padà. Àmì ilé-iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì o, nítorí náà orúkọ rere nìkan ò tó.

Mi ò lé CCA ńlá, agbára ìgbà òtútù nìyẹn. Ah, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́, tí ìwé ọkọ̀ sọ ni mo tẹ̀ lé.