Kí etí sátínì má baà tú: bí a ṣe ń yẹ híhun aṣọ wò ká tó rán an

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ló gbà pé aṣọ olówó pọ́ọ́kú ló ń tú létí, pé ojúlówó kì í tú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sátínì tí wọ́n fi sílíkì gidi hun lè tú títí àláwáǹsì, ìyẹn etí aṣọ tí a fi sílẹ̀ kọjá ojú ìrán, yóò fi tán, nígbà tí kọ́tìnnì lásán yóò wà bí ẹ ṣe gé e. Nǹkan méjì ló ń pinnu rẹ̀: bí wọ́n ṣe hun aṣọ náà, àti irú fọ́nrán tó wà nínú òwú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ méjèèjì kò ní máa fi ọ̀nà kan ṣoṣo tọ́jú etí gbogbo aṣọ, èyí tó jẹ́ àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ránṣọ.

Aṣọ híhun jẹ́ òwú òró àti òwú ìbú tó ń gba orí ara wọn, tó ń gba abẹ́ ara wọn. Kò sí ìso níbẹ̀, kò sì sí gúlúù. Ohun tó dì wọ́n mú kò ju bí wọ́n ṣe ń fún ara wọn níbi tí wọ́n ti dábùú ara wọn. Tí sísọ́ọ̀sì bá ti gba ibẹ̀ kọjá, òwú tó gbẹ̀yìn létí kò ní ẹnì kejì mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí òwú tó dábùú rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn yẹn náà sì ti di gígé. Ẹ gbọn aṣọ náà díẹ̀, òwú yẹn á bọ́, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì di ará etí.

Bí òwú bá ṣe ń dábùú ara wọn léraléra tó, bẹ́ẹ̀ ni bíbọ́ á ṣe ṣòro tó. Nínú híhun tó rọrùn jù, òwú gba orí ẹyọ kan, ó gba abẹ́ ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ, torí náà wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ibi tó bá kọjá. Nínú híhun jíìnsì, ó máa ń gba orí méjì tàbí mẹ́ta kó tó wọ abẹ́ ẹyọ kan. Ti sátínì wá jẹ́ mẹ́rin ó kéré tán kó tó wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo gígùn òwú tó sùn sórí aṣọ láìsí ohun tó tẹ̀ ẹ́ yẹn ló ń mú kí sátínì dán. Òun náà ló sì ń jẹ́ kó tú.

Ti fọ́nrán ló kàn. Fọ́nrán kọ́tìnnì kúrú, ó sábà máa ń tó ínǹṣì kan tàbí kó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n lọ́ pọ̀ di òwú, orí wọn sì máa ń yọ jáde bí irun, irun yẹn á sì máa gbá òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Wúùlù tún ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára tó ń há mọ́ra. Ṣùgbọ́n fọ́nrán sílíkì kan ṣoṣo lè gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, ti pólíẹ́sítà tí wọ́n fi ń hun aṣọ dídán sì ń lọ láìlópin bí ẹ̀rọ ṣe ń fà á jáde. Kò sí irun lára wọn, wọ́n ń yọ̀. Ẹ wá wo pólíẹ́sítà tí wọ́n hun ní sátínì: òwú yíyọ̀ ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un ṣe àpẹẹrẹ.

Kẹ́ ẹ tó gé aṣọ kankan, ẹ gé àjákù rẹ̀ bí ínǹṣì méjì níbùú lóròó, kí sísọ́ọ̀sì tẹ̀lé ojú òwú gan-an. Ẹ fi orí píìnì fa òwú kan yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ fa òmíràn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, torí pé ẹ̀gbẹ́ kan sábà máa ń tú ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná ha etí rẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé àfi kẹ́ ẹ fa òwú kó tó yọ, aṣọ yẹn kò ní dà yín láàmú. Tí òwú bá ń já bọ́ fúnra rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ha á, ẹ múra. Tí ẹ kò bá mọ fọ́nrán rẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú onírin mú òwú díẹ̀ sórí àwo omi, kẹ́ ẹ tanná sí i. Kọ́tìnnì á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀. Sílíkì àti wúùlù á rùn bí irun tó jó. Pólíẹ́sítà á yọ́, á sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle.

Aṣọ tó rọrùn kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kọ́tìnnì tó fún dáadáa, sísọ́ọ̀sì eléyín tàbí sígísáàgì ti tó o. Jíìnsì nípọn, ẹ má ká a lé ara rẹ̀ léraléra bí kò bá ṣe pé ẹ̀rọ yín lágbára. Ẹ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ wíìfìn tó ń fi òwú wé etí aṣọ. Aṣọ síngílẹ́ẹ̀tì kì í tú rárá, torí ojóbó òwú ló kọ́ ojóbó níbẹ̀, àfi pé etí rẹ̀ máa ń ká. Ṣífọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́, òwú rẹ̀ yọ̀, ẹ ṣe é bíi sátínì tí mo fẹ́ sọ yìí.

Sísọ́ọ̀sì eléyín kò wúlò lórí sátínì. Ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ lórí kọ́tìnnì ni pé ó ń gé etí ní dídàgbẹ́ẹ̀gbẹ́, kò sì jẹ́ kí òwú gígùn kan sùn létí. Lórí sátínì, eyín yẹn á kàn já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń fi iná àbẹ́là jó etí pólíẹ́sítà. Lóòótọ́ ni kì í tú mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dì gbagidi, á sì máa ha awọ ara ẹni tó wọ̀ ọ́. Rìbọ́nnì nìkan ni mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká wá rán ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì sátínì kan. Ọ̀nà tí mo ń lò ni rírán ẹ̀ẹ̀mejì, tí etí gígé á fi wọ inú ojú ìrán, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. Àláwáǹsì rẹ̀ jẹ́ 5/8 ínǹṣì. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11 tuntun ni kẹ́ ẹ lò, torí èyí tó ti kú á máa fa òwú sátínì. Ẹ jẹ́ kí gígùn ojú rírán kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 2. Ẹ má gé e sílẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ tó rán an lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e ló ń tú.

Ẹ kọ ẹ̀yìn aṣọ sí ẹ̀yìn, kí ojú dídán méjèèjì wà níta. Ó máa ń dà bíi pé ẹ ń rán an sódì, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ rán an ní 3/8 ínǹṣì sí etí. Àwọn kan máa ń rán an ní 1/4 kí iṣẹ́ gígé lè dín kù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí sátínì. Òwú tó wà nítòsí etí ti ń tú, abẹ́rẹ́ kò ní rí ibi gidi mú, ojú ìrán á sì já kúrò lára aṣọ tòun ti òwú rẹ̀.

Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ sórí rẹ̀. Gígé ló kàn, ibí yìí sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ gé àláwáǹsì yẹn kù sí 1/8 ínǹṣì. Ẹni tó bá bẹ̀rù tó fi í sílẹ̀ ní 1/4 á rí i pé nígbà tó bá rán an lẹ́ẹ̀kejì, òwú á yọ bí irùngbọ̀n láti inú ojú ìrán síta, níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fa irùngbọ̀n yẹn tán, torí bẹ́ ẹ bá fa ọ̀kan, òmíràn á yọ. Ẹni tó sì gé e ré 1/8 kọjá ti gé e sún mọ́ ojú ìrán jù, òwú á bọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ wá lọ ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ rán an parí lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìkejì. Sísọ́ọ̀sì tó mú gan-an ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí kò gé bébà rí. Eyí tó kú máa ń jẹ aṣọ, jíjẹ yẹn ló sì ń fa òwú jáde. Kẹ́ ẹ tó yí i, ẹ wò ó lójú ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé gbogbo òwú tó gùn ju àwọn tó kù lọ. Mi ò kì í fi ìgbésẹ̀ yìí sílẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó. Tí aṣọ náà bá ń tú lọ́wọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń gé e, ẹ fín sítáàṣì sí i létí kó gbẹ kẹ́ ẹ tó tẹ̀síwájú. Ó rọjú, ó sì máa ń bá omi lọ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù, torí omi máa ń fi àmì sára sátínì mìíràn.

Ẹ wá yí i padà kí ojú dídán kọjú síra wọn, kí ojú ìrán àkọ́kọ́ wà ní góńgó etí. Ẹ fi ìka yí i lọ yí i bọ̀ títí yóò fi jókòó síbẹ̀, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi píìnì dè é láàárín àláwáǹsì nìkan, torí ihò píìnì kì í kúrò lára sátínì. Ẹ rán an ní 1/4 ínǹṣì. 3/8 pẹ̀lú 1/4 ló fún wa ní 5/8 tá a gé, síkẹ́ẹ̀tì náà kò sì ní fún ju bẹ́ ẹ ṣe wọ̀n ọ́n lọ.

Etí ò ní tú mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí òwú má yọ̀ lára ojú ìrán. Bí síkẹ́ẹ̀tì bá fún ẹni tó wọ̀ ọ́, ojú ìrán lè wà digbí kí òwú aṣọ máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ihò wẹ́wẹ́ máa hàn bíi àkàbà. Ẹ rán àjákù méjì pọ̀ kẹ́ ẹ fà á gidigidi ní ìbú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àkàbà yẹn bá ti hàn, rírán ẹlẹ́ẹ̀mejì kò lè wò ó sàn. Àfi kẹ́ ẹ fi ínǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún fífẹ̀ rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi láínìn tó ṣe kékeré díẹ̀ ju òde lọ sí i, kí láínìn máa gba fífà náà.

Níbi síìpù, rírán ẹlẹ́ẹ̀mejì kò ṣeé ṣe, torí àláwáǹsì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀já báyásì fẹ́lẹ́ wé etí kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó fi síìpù sí i, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́ọ̀mù-sítéè tín-ín-rín mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ibi tí síìpù parí sí. Ẹ gé báyásì yẹn ní dídàgbẹ́ẹ̀gbẹ́ gan-an, torí èyí tẹ́ ẹ bá gé ní títọ́ á tú bíi sátínì fúnra rẹ̀.